Àpò Ẹ̀wà àti Oṣù Márùn-ún: Bí Ìmọ̀ Tuntun Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Àgbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akéde ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpérò ọdún kẹwàá ẹgbẹ́, ní Challenge, Ìlọrin)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan òṣìṣẹ́ báǹkì nínú oko? Mo gbà pé n kò lè kọ ebè méjì kí ẹ̀yìn má dùn mí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìrántí ọdún kẹwàá yìí. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé kí a ra igba àpò ìtọ́jú ẹ̀wà, kí a pín in fún àwọn àgbẹ̀ abúlé wa, kí a sì ya fọ́tò. Èmi ni mo máa kọ ìròyìn fọ́tò náà. Kí n tó kọ ọ́, mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a yí ètò náà padà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú tiwa. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ní ọdún kẹrin kò tíì gbàgbé ẹ̀wà. A dá owó jọ, a ra ogún àpò ẹ̀wà ní oṣù Disẹ́ḿbà nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, a kó o sí yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa. Èrò wa ni pé tó bá di oṣù Karùn-ún, a ó tà á, a ó sì fi èrè rẹ̀ ra àga àti ìbòrí fún ẹgbẹ́. Nígbà tí oṣù Karùn-ún pé, a ṣí ilẹ̀kùn. Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Kòkòrò ń rìn lára ògiri. Ẹ̀wà tó ṣẹ́kù ń lu bí ajere. Ẹni tó ń pò oúnjẹ adìyẹ ló gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú, ìdajì owó wa ni kò sì padà wálé mọ́.

Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀wà yẹn ń bàjẹ́, ìwé pélébé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti ń bá àwa òṣìṣẹ́ báǹkì sọ̀rọ̀ lórí owó yíyá fún àgbẹ̀ ni wọ́n ti fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni bí a ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà fún oṣù púpọ̀ láìlo oògùn, nínú àpò onípele mẹ́ta. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo pàtẹ́wọ́, mo gba ìwé, mo sì lọ ra àpò lásán pẹ̀lú yín. Èmi tí mo kàwé, tí mo sì ní ìwé náà lọ́wọ́, n kò lò ó. Kí ló dé tí a fi rò pé àgbẹ̀ tí a kàn fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ fún lójú agbo yóò lò ó?

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àmójúbà. Orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń mú ìmọ̀ tuntun tọ àgbẹ̀ lọ dúró lé. Ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ mú nínú ọ̀nà tí wọ́n ń lò. Èkíní ni ìṣàfihàn, èyí tí a ń ṣe ohun tuntun lójú àgbẹ̀, lórí nǹkan tirẹ̀. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ lóko. Ẹ̀wà ni mo máa fi ṣàlàyé èkíní, àgbàdo ni mo máa fi ṣàlàyé èkejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò

A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí kòkòrò ẹ̀wà ń ṣe. Kì í ṣe inú yàrá ló ti ń wá bá ẹ̀wà. Láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Nígbà tí pódi ẹ̀wà bá ń gbó lórí igi rẹ̀, abo kòkòrò á yé ẹyin sí i lára. Ẹyin á pa, ọmọ tó jáde nínú rẹ̀ á gbẹ́ ara rẹ̀ wọ inú hóró, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí i. Bíi oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ti di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́, á sì gba ihò róbótó kan jáde. Èyí tó jáde yìí kò jẹ ẹ̀wà mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó gùn, kó sì yé ẹyin sórí àwọn hóró tó wà nítòsí. Nítorí náà, ẹ̀wà tí a rà ní Disẹ́ḿbà tí ihò mẹ́ta péré wà nínú ọgọ́rùn-ún hóró rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kọjá títà ní oṣù Karùn-ún. Ìran kòkòrò bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ti kọjá nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rù èyí ló ń mú kí àgbẹ̀ ta ẹ̀wà rẹ̀ ní kété tó bá kó o tán, nígbà tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìbẹ̀rù náà ló ń mú kí àwọn mìíràn da oògùn sí i. Ẹ rántí pé láti ọdún 2015 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọ ilẹ̀ wọn mọ́, nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n ń bá lára rẹ̀. Àwa tí a wà nílé, àwo wa ni èyí tí Yúróòpù kọ̀ ń wá.

Àpò tó wà nínú ìwé pélébé mi ni èyí tí wọ́n ń kọ PICS sí lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará Kamẹrúùnù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá méjì tó nípọn ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, àpò hunhun bíi ti ìrẹsì sì bò wọ́n lóde. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ tuntun kò lè wọlé. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà ń mí, bó ṣe ń mí ló ń lo afẹ́fẹ́ tó kù tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò ní agbára láti jẹun mọ́. Àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé òùngbẹ gan-an ló ń pa á ní ìkẹyìn, nítorí inú ẹ̀wà gbígbẹ kò sí omi. Ara kòkòrò fúnra rẹ̀ ló ń ṣe omi tó ń lò láti inú oúnjẹ àti afẹ́fẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá tán, omi náà tán.

Ẹ wò ó, ìtàn yìí dùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbọ́ ọ yóò rò ó nínú ara rẹ̀ pé: n óò fi ẹ̀wà mi tí ó ní kòkòrò sínú ọ̀rá, n óò so ó pa, n kò ní fi oògùn sí i, n kò sì ní wò ó fún oṣù márùn-ún? Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó jọ ẹlẹ́tàn. Gbogbo ohun tó ti mọ̀ láyé ló sọ fún un pé nǹkan tí a so pa ń hu ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè borí irú iyèméjì yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ PICS bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, abúlé ni wọ́n gbé e lọ, ìṣàfihàn ni wọ́n fi ṣe.

Ìṣàfihàn tí mo fi ojú ara mi rí

Lẹ́yìn àdánù wa, ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí abúlé kan lápá Asà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ tó yáwó lọ́wọ́ wa wà. Ọjọ́ tí mo dé ibẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ kan ń ṣe ìṣàfihàn àpò náà. Mo jókòó tì wọ́n.

Abẹ́ igi ni, kò sí gbohùngbohùn. Ọ̀gbẹ́ni náà kò mú ẹ̀wà kankan wá. Ó ní kí àgbẹ̀ márùn-ún tí abúlé fúnra wọn yàn gbé ẹ̀wà tiwọn wá. Mẹ́ta jẹ́ ọkùnrin, méjì jẹ́ obìnrin, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ olówó abúlé. Ó ní kí obìnrin kan ka ọgọ́rùn-ún hóró sórí ọ̀tẹ́, kí ó ya èyí tó ní ihò sọ́tọ̀. Mẹ́ta ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀wà kan wò lábẹ́ eyín. Ó fọ́ kàú, ó túmọ̀ sí pé ó ti gbẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì ṣa pàǹtí kúrò, nítorí igi ṣóńṣó kan lè gún ọ̀rá. Wọ́n fi atẹ́gùn kún ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká ẹnu rẹ̀ mọ́ ọwọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, wọ́n ń tẹ́tí bóyá atẹ́gùn ń jáde níbì kan. Wọ́n ki ọ̀rá kan bọ inú èkejì, wọ́n ki méjèèjì sínú àpò hunhun. Wọ́n ń da ẹ̀wà sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mì í kí afẹ́fẹ́ àárín hóró lè jáde. Wọ́n fi ẹnu ọ̀rá sílẹ̀ bíi ìwọ̀n ojú rúlà ọmọ iléèwé kan. Wọ́n tẹ ẹ̀wà mọ́lẹ̀, wọ́n lọ́ ẹnu ọ̀rá inú títí ó fi le bí okùn, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi okùn so ó gírígírí. Wọ́n ṣe ọ̀rá kejì bákan náà, kí wọ́n tó wá so àpò òde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀gbẹ́ni náà so ẹyọ kan péré. Mẹ́rin tó kù, àwọn àgbẹ̀ ló so ó. Nígbà tí bàbá kan so tirẹ̀ tí kò le tó, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí obìnrin tó ti so tirẹ̀ dáadáa fi hàn án. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì tún un so. Ọwọ́ tó ti so nǹkan nígbà kan kì í gbàgbé.

Wọ́n da ìyókù ẹ̀wà kan náà sínú àpò lásán kan, kí wọ́n lè fi wé. Wọ́n kọ ọjọ́ náà sára gbogbo àpò, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ lọ sílé, ó gbé e lé orí igi, kò jẹ́ kó kan ògiri tàbí ilẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ ṣíṣí sí oṣù márùn-ún. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ oṣù kan, kí n lè tètè kọ ìròyìn mi. Ó ní: "Ọ̀gá, tí a bá ṣí i lóṣù kan, àpò méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Wọn á ní mo kàn wá fi àkókò wọn ṣòfò ni."

Mo padà lọ lọ́jọ́ ṣíṣí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ju ìkómọ lọ. Baálẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ará abúlé kejì wá, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà náà wá. Wọ́n kọ́kọ́ tú àpò lásán. Kòkòrò tú jáde, àwọn ọmọdé sá. Wọ́n ka ọgọ́rùn-ún hóró, ó lé ní ìdajì tó ní ihò. Wọ́n wá tú ti PICS ti obìnrin tó kọ́ bàbá ní sísọ. Òkú kòkòrò díẹ̀ wà lókè ẹ̀wà. Wọ́n ka ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ta ni. Ariwo sọ. Wọ́n se ẹ̀wà náà lójú ẹsẹ̀, a sì jẹ ẹ́.

Àpò kan wà nínú márùn-ún tí kò dára. Kòkòrò wà láàyè nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà kò fi pamọ́. Ó tú u síta, ó gbé ọ̀rá sókè sí oòrùn, ó sì fi ihò tí eku ti jẹ hàn wọ́n. Ó ní: "Ẹ rí i? Ohun tí mo sọ pé kí ẹ máa wò nìyẹn." Lójú tèmi, àpò tó bàjẹ́ yẹn ló kọ́ wọn jù. Wọ́n ti mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, àti ohun tó fà á.

Ohun tó ń ba ìṣàfihàn jẹ́

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ìṣàfihàn pẹ̀lú ojú akọ̀wé owó, mo sì ti rí ohun mẹ́ta tó ń sọ ọ́ di asán.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí a yàn. Tí a bá gbé ìṣàfihàn fún olówó abúlé tàbí ọ̀rẹ́ olóṣèlú, àwọn yòókù á ní, "Ó rọrùn fún lágbájá, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀." Bákan náà ni tí a bá kó ajílẹ̀, irúgbìn àti oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ sínú oko ìṣàfihàn kan. Ohun tí àgbẹ̀ máa rí kò ju pé ọ̀fẹ́ dára lọ. Kò ní mọ èwo nínú nǹkan wọ̀nyẹn ló ṣiṣẹ́.

Èkejì ni àìsí ohun tí a fi wé. Láìsí àpò lásán tí kòkòrò tú jáde nínú rẹ̀, ẹnì kan á ní ẹ̀wà ọdún yìí kò ní kòkòrò púpọ̀ ni. Nínú oko náà bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí a bá ń fi irúgbìn àgbàdo tuntun hàn, kí a wọn ilẹ̀ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá fún un, kí a sì wọn ìwọ̀n kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ti àtijọ́, kí a gbìn wọ́n lọ́jọ́ kan náà, kí a ro wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ̀n yẹn dára fún ìṣirò, nítorí ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ló wà nínú hẹ́kítà kan. Iye kílò tó bá jáde, kí a fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, a ti mọ ti hẹ́kítà.

Ẹ̀kẹta ló kan àwa oníṣòwò jù. Tí wọ́n bá ti gbà gbọ́ tán, níbo ni wọn yóò ti rà á? Obìnrin kan bi ọ̀gbẹ́ni náà ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ ṣíṣí, ó sì sọ fún un pé kí ó wá sí Ìlọrin. Ojú mi rí i bí iná ojú obìnrin náà ṣe kú. Owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ ju owó àpò lọ. Àti pé tí a bá ti pín àpò lọ́fẹ̀ẹ́ yíká, kò sí oníṣọ́ọ̀bù tó máa fi owó rẹ̀ rà á wá tà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan hàn yín. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà òní. Ká sọ pé ẹ̀wà ọgọ́rùn-ún kílò jẹ́ ₦80,000 ní ìgbà ìkórè, ó di ₦110,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àpò sì jẹ́ ₦2,500. Ohun tó kù jẹ́ ₦27,500. Tó bá jẹ́ pé owó báǹkì ni, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦9,600 ni báǹkì yóò gbà. Ó ku ₦17,900 fún àgbẹ̀. Tí kò bá sì sí ihò lára ọ̀rá, á tún lo àpò náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé owó ẹ̀wà lè má gòkè lọ́dún mìíràn. Kòkòrò nìkan ni àpò ń dáàbò bo ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọjà.

Ìgbà tí ìṣàfihàn kò tó

Àpò jẹ́ nǹkan kan tí a ń ṣe bákan náà níbi gbogbo. Ẹni tó bá ti so ó lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìṣòro mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016 ni kòkòrò kan tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá kọ́kọ́ hàn ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń jẹ àgbàdo láti inú ewé ọ̀dọ́. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: àmì kan wà níwájú orí rẹ̀ tó jọ lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, àmì dúdú mẹ́rin sì wà nítòsí ìdí rẹ̀, tó tò bí igun mẹ́rin àpótí. Àgbẹ̀ tó rí ewé tó lu níhòníhò á sáré lọ ra oògùn. Nígbà mìíràn kòkòrò ti wọ inú ọ̀mùnú lọ jìnnà tí oògùn kò lè bá a. Nígbà mìíràn àgbàdo ì bá gbérí fúnra rẹ̀ láìlo nǹkan kan. Ìgbà tó yẹ ká fọ́n oògùn àti ìgbà tí kò yẹ, kò sí ẹni tó lè so ìyẹn mọ́ ẹnu àpò. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wo oko rẹ̀, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu.

Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ lóko wà fún nìyẹn. Indonéṣíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1989, lábẹ́ ètò tí Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn Àgbáyé ràn lọ́wọ́. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sórí ìrẹsì ti pa àwọn aláǹtakùn àti kòkòrò rere tó ń jẹ kòkòrò búburú, búburú wá ń pọ̀ sí i. Ìjọba ibẹ̀ ti fòfin de irú oògùn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lórí ìrẹsì ní 1986, ṣùgbọ́n òfin kò kọ́ àgbẹ̀ ní bí a ṣe ń wo oko. Ni wọ́n bá sọ oko di kíláàsì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àgbẹ̀ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀, láti ìgbà gbíngbìn títí di ìkórè. Wọ́n á pín oko sí méjì: apá kan ni wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, apá kejì ni wọ́n ti ń wò kí wọ́n tó ṣe. Wọ́n á pín ara wọn sí ẹgbẹ́ márùn-márùn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á rìn wọ́gọwọ̀gọ nínú àgbàdo, wọ́n á dúró ní ibi márùn-ún, wọ́n á yẹ igi mẹ́wàá wò níbi kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú àádọ́ta igi ló ní ìgbẹ́ kòkòrò tútù nínú ọ̀mùnú? Ṣé ẹyin wà lábẹ́ ewé? Ṣé èèrà àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ọmọ kòkòrò náà wà níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ní omi?

Wọ́n á padà sábẹ́ igi, wọ́n á ya àwòrán àgbàdo náà sórí bébà ńlá, kòkòrò burúkú lápá kan, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ lápá kejì, oòrùn tàbí ìkùukùu lókè. Ẹni tí kò kàwé lè yàwòrán. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dìde ṣàlàyé ohun tó rí àti ohun tó rò pé ó yẹ ká ṣe lọ́sẹ̀ yẹn: ká fọwọ́ fọ́ ẹyin, ká da eérú tàbí iyanrìn sínú ọ̀mùnú, ká fọ́n oògùn, àbí ká fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn yòókù á bi wọ́n léèrè, wọ́n á jiyàn, wọ́n á sì fẹnu kò. Ẹni tó ń darí wọn kì í dáhùn ìbéèrè. Tí wọ́n bá ní, "Kí ni kòkòrò yìí?" á ní, "Níbo lẹ ti rí i? Kí ló ń ṣe níbẹ̀?" Wọ́n á wá fi òun àti ọmọ kòkòrò búburú sínú ike tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò lójú, kí wọ́n wo ẹni tí yóò jẹ ẹnì kejì. Ẹlòmíràn á fi ọwọ́ já díẹ̀ nínú ewé àwọn igi mélòó kan nígbà tí wọ́n kéré, láti wò ní ìkórè bóyá wọ́n so tó àwọn tí kò fọwọ́ kàn.

Àgbẹ̀ tó ti jiyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lórí oko kan náà, kò sí ọ̀lẹ̀lẹ̀ oníṣòwò oògùn kankan tó lè dẹ́rù bà á mọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n tirẹ̀ o. Ó ń gba àsìkò kan gbáko, ó ń gba ẹni tó mọ̀ ọ́n darí, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ló sì ń kọ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé Gershon Feder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2004 lórí ti Indonéṣíà. Wọn kò rí i pé ìkórè àwọn tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tàbí ti àwọn aládùúgbò wọn, fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti àwọn mìíràn lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn rí èyí tó dára ní ibòmíràn, wọ́n sì ń jiyàn lórí rẹ̀. Lójú tèmi, ti aládùúgbò kò yà mí lẹ́nu. Bí a ṣe ń so àpò, èèyàn lè wò ó lójú ọgbà kó sì kọ́ ọ. Bí a ṣe ń ronú lórí oko, a kì í wò ó lójú ọgbà. Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ìṣàfihàn ló tọ́ sí i. Ohun tó gba ìpinnu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ oko ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá fi èkejì ṣe iṣẹ́ èkíní ti fi owó ṣòfò. Ẹni tó bá fi èkíní ṣe iṣẹ́ èkejì ti tan àgbẹ̀.

Owó wa ńkọ́?

Alága, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ nìyí. Kí a má ra igba àpò. Kí a ra ogójì, kí a mú abúlé mẹ́jọ, àpò márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí abúlé yan ènìyàn tiwọn, kì í ṣe àwa. Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀wà kílò mẹ́wàá fún abúlé kọ̀ọ̀kan tí a ó fi sínú àpò lásán, nítorí kò yẹ kí ẹ̀wà àgbẹ̀ bàjẹ́ torí ká lè fi nǹkan hàn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ìtọ́jú irè oko, orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí, lójú ọ̀nà Asà Dam. Kí a lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa kọ́ àwọn tó máa darí rẹ̀. Kí a yá obìnrin kan ní ọjà abúlé kọ̀ọ̀kan lówó díẹ̀, tí yóò fi ra àpò sílẹ̀ de ọjọ́ ṣíṣí, kí ẹni tó bá gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà lè rà á kó tó délé. Yóò dá owó wa padà. Èmi ni n óò tọ́jú ìwé rẹ̀.

Tí owó bá ṣẹ́kù, kí a fi gbọ́ bùkátà ilé-ẹ̀kọ́ oko kan ṣoṣo, lórí àgbàdo, ní abúlé kan, fún àsìkò òjò kan. Ọ̀kan tí a ṣe parí sàn ju mẹ́wàá tí a bẹ̀rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé kò ní sí fọ́tò ńlá lọ́jọ́ ọdún wa. Fọ́tò tiwa yóò dé lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ní ọjọ́ tí a bá tú àpò. Kí a sì gbà láti ìsinsìnyí pé ọ̀kan lè wà tí eku ti jẹ. Kí a tú ìyẹn náà síta lójú gbogbo ènìyàn.

Ní ti ìwé pélébé yẹn, mo ti mú un kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á, ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín: kíkà rẹ̀ nìkan kò ran ogún àpò ẹ̀wà wa lọ́wọ́.